Aago oníbátìrì àbí aago onísípíríǹgì: ìbéèrè táwọn tó fẹ́ ra aago ọwọ́ àkọ́kọ́ máa ń bi mí

Kí ọ̀rọ̀ má baà fẹ̀ jù, ẹ́ńjìnì méjì péré ni màá máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ ni Miyota 2035, oníbátìrì ni, ilé iṣẹ́ Citizen ní Japan ló ni ín, ó sì wà nínú aago olówó pọ́ọ́kú tí ò lóǹkà. Ìkejì ni NH35, àwọn Seiko ló ń ṣe é, Japan náà ni, onísípíríǹgì ọtomátíìkì ni, kò lo bátìrì rárá, òun lẹ sì máa bá nínú ọ̀pọ̀ aago ọtomátíìkì tówó ẹ̀ ò tíì kọjá ohun tí òṣìṣẹ́ lè tù jọ. Tí ìyàtọ̀ àwọn méjì yìí bá ti yé yín, tàwọn yòókù ò ní ṣòro.

Ṣé kì í ṣe aago ni gbogbo ẹ̀ ni? Kí ló yàtọ̀ nínú ikùn wọn?

Nǹkan méjì laago kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní: ohun tó ń fún un lágbára, àti ohun tó ń bá a ka àkókò. Ibi méjèèjì ni wọ́n ti yàtọ̀.

Nínú aago oníbátìrì, bátìrì ló ń fún un lágbára, òkúta kúọ́tìsì kékeré kan ló sì ń ka àkókò. Wọ́n á gé òkúta yìí kó lẹ́nu méjì bíi fọ́ọ̀kì, wọ́n á wá tì í mọ́ inú agolo irin tíńtín kan. Tí iná bá ti kàn án, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìgbà 32,768 ló sì ń gbọ̀n ní sẹ́kọ́ńdì kan ṣoṣo. Kí ló dé tó jẹ́ iye yẹn gan-an? Torí pé tẹ́ ẹ bá pín in sí méjì, tẹ́ ẹ tún pín èyí tó kù sí méjì, tẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà 15, ẹyọ 1 géérégé ló máa ṣẹ́kù. Ìṣirò yẹn ni sákíìtì inú aago ń ṣe láìsinmi, ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan ó máa ń fi iná ẹ̀ẹ̀kan ránṣẹ́ sí mọ́tò kékeré kan, mọ́tò á ta jíà síwájú, ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì á fò lẹ́ẹ̀kan. Ohun tó jẹ́ kẹ́ ẹ máa rí i tó ń fò lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn.

Aago onísípíríǹgì ò mọ ohun tó ń jẹ́ iná. Irin pẹlẹbẹ gígùn kan ni wọ́n ká sínú, bẹ́ ẹ bá ti ń yí orí aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ ń ká irin yẹn le sí i ni, bó ṣe ń fẹ́ tú padà ló ń ti àwọn jíà. Tí ò bá sí ohun tó ń dá a dúró, gbogbo ẹ̀ á tú lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń dá a dúró ni wíìlì kékeré kan tó ń fì lọ fì bọ̀, sípíríǹgì mìíràn tó tín-ín-rín bí irun orí ló ń dá wíìlì yìí padà, ní gbogbo ìgbà tó bá sì ti fì, á jẹ́ kí jíà sún díẹ̀, á tún dì í mú. Ìró tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sétí nìyẹn. NH35 ń fì nígbà 21,600 ní wákàtí kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹfà ní sẹ́kọ́ńdì kan, torí ẹ̀ lọwọ́ sẹ́kọ́ńdì ẹ̀ ṣe dà bíi pé ó ń yọ́ lọ, kì í fò bíi ti oníbátìrì.

Ọtomátíìkì náà onísípíríǹgì ni o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní irú kẹta fún yín. Irin wíwúwo kan tó jẹ́ ìlàjì òbíríkítí ni wọ́n fi kún un lẹ́yìn, bẹ́ ẹ ṣe ń ju ọwọ́ kiri nirin yẹn ń yí, òun ló ń bá yín ká sípíríǹgì láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ yí i.

Èwo ló ń sọ òótọ́ àkókò jù?

Oníbátìrì ni, kò tiẹ̀ sún mọ́ra. Àwọn tó ṣe Miyota 2035 sọ pé kò ní fi ju 20 sẹ́kọ́ńdì lọ yẹ̀ láàárín oṣù kan, yálà kó yá ni àbí kó pẹ́. Àwọn tó ṣe NH35 sọ pé tiwọn lè fi 20 sẹ́kọ́ńdì pẹ́ tàbí kó fi 40 sẹ́kọ́ńdì yá, ṣùgbọ́n lójúmọ́ kan ni tiẹ̀ o, kì í ṣe lóṣù. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wọn máa ń ṣe dáadáa ju ìyẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi owó-ọ̀yà oṣù kan wò ó. Ká ní ẹ to àwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ àkókò orí fóònù yín láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù, tẹ́ ẹ ò sì fọwọ́ kàn wọ́n mọ́ títí tí alẹ́ọ̀ọ̀tì owó oṣù tó ń bọ̀ fi wọlé. NH35 tó ń fi 15 sẹ́kọ́ńdì yá lójúmọ́, èyí tí ẹnikẹ́ni ò lè pè ní aago tó bàjẹ́, ti fi mínítì méje ààbọ̀ sáré síwájú lẹ́yìn 30 ọjọ́. Oníbátìrì, tó bá tiẹ̀ burú dé ibi tí wọ́n gbà á láyè dé, 20 sẹ́kọ́ńdì ni. Odindi ọdún kan, ó ṣì lè má ju mínítì mẹ́rin lọ.

Ohun tó fà á ni pé ohun tó ń fì ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ní sẹ́kọ́ńdì kan, gbogbo nǹkan ló lè dà á láàmú, bẹ́ ẹ ṣe gbé ọwọ́ yín, bí sípíríǹgì ṣe kún tó, bí epo inú ẹ̀ ṣe le tó. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ tiẹ̀ máa ń fi èyí ṣe oògùn: tí aago wọn bá ń yá, wọ́n á gbé e sílẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀ lọ́nà kan lálẹ́, ọjọ́ kejì wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ gbé e kalẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ èwo ló ń dín in kù. Ó máa ń ṣiṣẹ́, torí pé aago kan náà lè yá bó bá dojú sókè, kó sì pẹ́ bó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òkúta tó ń gbọ̀n nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ò fi bẹ́ẹ̀ ka ìyẹn sí.

Ẹ̀gbọ́n, mo bọ́ ọtomátíìkì mi sílẹ̀ ní Fúráìdeè, nígbà tó máa fi di àárọ̀ Mọ́ńdè ó ti kú. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi ni?

Rárá o, àbúrò. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Tí sípíríǹgì NH35 bá kún dẹ́nu, nǹkan bíi wákàtí 41 ló máa lò. Tẹ́ ẹ bá bọ́ ọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Fúráìdeè, wákàtí 41 á gbé e dé aago méjì ọ̀sán Sọ́ńdè, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ìyẹn tó bá kún o. Ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà látàárọ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ ò kúrò lórí tábìlì, aago ẹ̀ lè má kún rárá, ó sì lè kú kí Sátidé tó parí.

Kẹ́ ẹ tó fi sọ́wọ́ ní Mọ́ńdè, ẹ má fa orí ẹ̀ jáde o, bó ṣe wà níbẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ máa yí i síwájú lọ́nà bí ogún sí ọgbọ̀n, ẹ̀rù má bà yín, kì í já torí pé ó kún jù, wọ́n ti ṣe é kó máa yọ̀ fúnra ẹ̀ tó bá dé ìwọ̀n. Tẹ́ ẹ bá fà á jáde lẹ́ẹ̀kan, déètì nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá fà á jáde lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọwọ́ aago nìyẹn, ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì á sì dúró kẹ́ ẹ lè tò ó pọ̀ mọ́ fóònù.

Ibi tó léwu ni déètì. Láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́rin ìdájí, jíà tó ń yí déètì ti gbá eyín déètì mú, ó ti ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fipá yí déètì lásìkò yẹn, eyín yẹn lè ṣẹ́. Aago tó ti kú ò sì ní sọ fún yín bóyá aago méjì ọ̀sán ló dúró sí àbí aago méjì òru. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ aago síwájú títí déètì á fi ṣípò, ẹ ti mọ̀ pé òru nìyẹn, ẹ yí i dé bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ibẹ̀ lẹ ti máa wá fa orí ẹ̀ sí ipò déètì, ẹ to déètì sí tàná, ẹ padà sí ọwọ́ aago, ẹ yí i síwájú dé àkókò tẹ́ ẹ wà. Ẹ ó kọjá aago méjìlá òru lẹ́ẹ̀kan kó tó bá tòní mu. Ó dà bí wàhálà, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti ṣe é díẹ̀, ọwọ́ yín á mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ka gbogbo èyí tó sì sú u, ó ti mọ èyí tó máa rà nìyẹn.

Bátìrì oníbátìrì máa ń tó ìgbà wo? Ṣé kí n má rí ẹnikẹ́ni tó máa tan mí jẹ níbẹ̀?

Miyota 2035 máa ń lò tó ọdún mẹ́ta lórí bátìrì kan. Bátìrì tó ń lò ni SR626SW, wọ́n tún máa ń kọ 377 sí i lára. Nǹkan tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ mú sọ́kàn rèé o: lẹ́tà àkọ́kọ́. SR ni bátìrì tí wọ́n fi fàdákà ṣe, agbára ẹ̀ kì í já títí ó fi máa tán. Èyí tó jẹ́ LR, LR626 tàbí AG4, ìwọ̀n kan náà ni, ó máa wọ inú aago yín láìsí ìjà, owó ẹ̀ kéré gan-an, òun lọ̀pọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ bátìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì máa ń ní lọ́wọ́. Agbára tiẹ̀ máa ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í pẹ́, ó sì tètè máa ń jò. Omi tó bá jò jáde lára bátìrì máa ń jẹ sákíìtì, ẹ̀ẹ́ rí i tó ti hó funfun àbí tó dà bí àwọ̀ ewé lára kọ́pà, tó bá ti dé ibẹ̀, ẹ́ńjìnì tuntun ló kù. Torí náà kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó ṣí aago yín, ẹ ní kó fi bátìrì yẹn hàn yín, ẹ ka ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀, lẹ́tà ẹ̀ kéré, ẹ fi fóònù tan iná sí i.

Nǹkan kejì ni rọ́bà dúdú róbótó tó wà lábẹ́ ìdérí ẹ̀yìn aago. Òun ló ń lé omi. Bí wọ́n bá ṣí i tí wọn ò tò ó padà dáadáa, àbí tó ti gan tó sì ti là, aago tí wọ́n kọ «50 mítà» sí lẹ́yìn ò lè gba omi àlùwàlá mọ́. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé èéfín omi á hàn nínú gíláàsì bẹ́ ẹ bá ti ìta gbangba tí oòrùn ń ràn wọ inú eesí. Tẹ́ ẹ bá ti rí ìyẹn, ọjọ́ kan náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kí wọ́n ṣí i gbẹ, ìpata ò ń dúró de ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni, bátìrì tó bá ti kú, ẹ má fi sílẹ̀ nínú aago fún ọdún kan nínú dúrọ́ọ̀. Ẹ yọ ọ́. Àwọn ẹ́ńjìnì oníbátìrì kan tiẹ̀ máa ń kìlọ̀, ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì wọn á máa fo sẹ́kọ́ńdì méjì méjì tí bátìrì bá ti fẹ́ tán.

Onísípíríǹgì ò lo bátìrì, ṣé pé kò náni lówó kankan mọ́ lẹ́yìn tí mo bá ti rà á?

Ó máa náni o. Epo wà nínú ẹ̀, ó kéré gan-an, ó wà ní orí àwọn ibi tí jíà ti ń yí, epo yẹn sì máa ń gbẹ. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n sábà máa ń ní ká gbé e lọ fún sáfíìsì. Sáfíìsì gidi kì í ṣe pé kí ẹnìkan fẹ́ atẹ́gùn sí i o, ńṣe ni wọ́n máa tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ délẹ̀délẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tò ó padà, wọ́n á fi epo tuntun sí ibi tó yẹ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró ẹ̀ láti fi tò ó kó má yá jù kó má sì pẹ́ jù. Ẹ bi oníṣẹ́ aago yín bóyá ó ní ẹ̀rọ yẹn. Tí ò bá ní, ẹ gbé e lọ síbòmíràn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé epo ti ń gbẹ: aago tó máa ń lo wákàtí 41 tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní wákàtí 25, àbí kó máa pẹ́ sí i lójoojúmọ́ láìsí ìdí.

Àǹfààní NH35 níbi yìí ni pé ó pọ̀ lọ́jà débi pé owó ẹ́ńjìnì tuntun odindi sábà máa ń sún mọ́ owó sáfíìsì, nígbà mìíràn kò tó o, torí ẹ̀ lọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ṣe máa ń yọ èyí tó wà níbẹ̀, tí wọ́n á fi tuntun rọ́pò. Kò rí bẹ́ẹ̀ fáwọn ẹ́ńjìnì olówó ńlá, sáfíìsì tiwọn nìkan lè ju owó aago oníbátìrì tuntun mẹ́ta lọ.

Aago onísípíríǹgì mi ṣàdédé ń sáré, mínítì mẹ́wàá lójúmọ́. Ta ló bú u?

Òòfà ni. Sípíríǹgì tó tín-ín-rín bí irun yẹn ló ti gba òòfà, àwọn ìká ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ra, ó wá dà bíi pé ó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, ló bá ń fì kíákíá. Ibi tó ti ń gbà á ni sípíkà, ìdérí páàdì, bọ́tìnnì báàgì tó máa ń gbá ara ẹ̀ mú, àti ẹ̀yìn fóònù mìíràn. Ẹ gbé kọ́ńpáàsì alábẹ́rẹ́ sún mọ́ aago náà, tí abẹ́rẹ́ bá ń jó tẹ̀ lé wíìlì inú ẹ̀, òótọ́ dé nìyẹn. Oníṣẹ́ aago ní ẹ̀rọ kékeré tó ń yọ òòfà, kì í gbà ju mínítì díẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kó tú aago yín kó tó ṣe ìyẹn.

Oníbátìrì ńkọ́? Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òòfà tó lágbára, mọ́tò ẹ̀ lè dúró, bẹ́ ẹ bá gbé e kúrò níbẹ̀ á máa lọ padà, ẹ ó kàn tún àkókò ẹ̀ tò ni.

Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí wọ́n ń tà fún mi ní ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ wo ọwọ́ sẹ́kọ́ńdì. Tí wọ́n bá kọ AUTOMATIC sójú ẹ̀ àmọ́ tó ń fò lẹ́ẹ̀kan ní sẹ́kọ́ńdì, oníbátìrì ni wọ́n fi aṣọ ọtomátíìkì wọ̀ fún yín, ẹ dá a padà. Ẹ gbé e sétí: ìró ọtomátíìkì máa ń yára, tẹ́ ẹ bá sì rọra mì ín, ẹ máa gbọ́ irin tó ń yí nínú ẹ̀. Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá jẹ́ gíláàsì, ẹ wò ó dáadáa, wíìlì kékeré tó ń fì lọ fì bọ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì máa fì nítòótọ́.

Àmọ́ àwọn oníbátìrì kan wà tọ́wọ́ sẹ́kọ́ńdì wọn máa ń yọ́ lọ, nítorí náà ẹ má fi ojú nìkan dá a, ẹ bi ontàjà lórúkọ ẹ́ńjìnì tó wà nínú ẹ̀. Ẹni tí ò bá lè dárúkọ ẹ̀, ẹ má fún un lówó ọtomátíìkì.

Kí ló dé tí onísípíríǹgì fi wọ́n jù nígbà tó jẹ́ pé oníbátìrì ló péye jù?

Kò rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Aago ọwọ́ oníkúọ́tìsì àkọ́kọ́ tó wọ ọjà ni Seiko Astron, wọ́n gbé e jáde ní Tokyo ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá 1969, 450,000 yẹ́ẹ̀nì ni wọ́n tà á, owó mọ́tò ni nígbà yẹn. Ìgbà tí wọ́n wá mọ bí wọ́n ṣe lè máa fi ẹ̀rọ ṣe sákíìtì yẹn lọ́pọ̀ yanturu lowó ẹ̀ já lulẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aago ní Switzerland fi ti ilẹ̀kùn. Onísípíríǹgì ṣì ní jíà, wíìlì àti ìdè tó pọ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ gé wẹ́wẹ́, kí wọ́n tò, kí wọ́n sì fi epo sí. Iṣẹ́ yẹn lẹ̀ ń sanwó ẹ̀, kì í ṣe pípéye àkókò.

Ó dáa, ẹ sọ ọ́ gbangba: èwo ni kí n rà?

Oníbátìrì. Fún èèyàn tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń ra aago àkọ́kọ́, ìyẹn ni ìdáhùn mi, mi ò sì ń fi bò. Owó kan náà tó máa ra ọtomátíìkì tí ò fi bẹ́ẹ̀ dáa máa ra oníbátìrì tó dáa gan-an fún yín, gíláàsì tó nípọn, irin tó dára, bẹ́líìtì tí ò ní já. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa wọ aago lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àbí mọ́ṣáláṣí àti òde ìnáwó nìkan, oníbátìrì ni, torí pé ọtomátíìkì á máa kú láàárín ọ̀sẹ̀ ni, ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá sì ti ń kánjú jáde lẹ ó máa to déètì. Tẹ́ ẹ bá ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ agbára, tẹ́ ẹ ń fi òòlù kan nǹkan, tẹ́ ẹ ń gun ọ̀kadà látàárọ̀ dalẹ́, oníbátìrì náà ni, ìgbọ̀nrìrì yẹn ò dáa fún wíìlì tó ń fì.

Ẹni tí màá ní kó lọ ra NH35 ni ẹni tó ti mọ̀ pé òun ò ní bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́, tó fẹ́ràn láti máa wo bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, tí mínítì méje lóṣù ò sì ní bí i nínú. Inú irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n kó fi owó sáfíìsì sọ́kàn látọjọ́ tó ti rà á.

Tí mi ò bá fẹ́ wàhálà bátìrì, tí mi ò sì fẹ́ ti sípíríǹgì ńkọ́?

Ẹ ra oníkúọ́tìsì tó ń gba agbára látinú ìmọ́lẹ̀. Eco-Drive lorúkọ ti Citizen, Casio àti Seiko náà ní tiwọn. Ó péye bíi ti oníbátìrì, torí pé òkúta kan náà ló ń ka àkókò, iná yàrá àti oòrùn ló ń gbé agbára sínú ẹ̀, kì í ṣe pé kí wọ́n máa ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ohun tó lè bà á jẹ́ ni kẹ́ ẹ tì í mọ́ inú àpótí dúdú fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ gbé e sí itòsí fèrèsé tí oòrùn ò ti ní dáná sun ún, ẹ má gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò.